Tanko Tó Ń Kọ Ìkíni Sórí Páálí

Mi ò fẹ́ràn Tanko mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi ń wò ó. Nígbà kan rí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́rin la fi ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àgọ́ àwọn ará Ṣáínà tó ń la ọ̀nà gba abúlé Gidan Marke kọjá, èmi nídìí sítọ́ọ̀, òun nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá. Bayarabe ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti ilẹ̀ Yorùbá wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kejìlélógún tí mo ti ń jẹ tuwo wọn nìyẹn.

Iṣẹ́ Tanko ni pé kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ málàmù ni, ó ti parí Kùránì, ó sì lọ ilé-ìwé gíga dé ìdajì kí owó tó tán. Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Katsina, tó ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kò sí ọkọ tó bínú tó, tí òun ò lè bá ìyàwó rẹ̀ kọ lẹ́tà tí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tò bí eyín ọmọge.

Ọ̀gá tiwa ni Mista Fan. Ènìyàn kúkúrú, onísùúrù, tó máa ń mu omi gbígbóná látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú ooru tó lè se ẹyin. Òun àti Tanko a máa sọ gẹ̀ẹ́sì tó ti ya lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì fi èdè Ṣáínà díẹ̀ tí Tanko ti gbọ́ lẹ 'bẹ̀. Hausa ni Mista Fan kò gbọ́ rárá. Ẹni tó sì ń kọjá lórí ilẹ̀ Hausa láì kí ènìyàn, ẹran ló dà lójú wọn. Ọ̀gá tó wà ṣáájú rẹ̀ kì í kí ẹnikẹ́ni, hóònù ló ń fọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e lọ, àwọn obìnrin ìlú ti ń pòṣé sí ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀bọ ni wọ́n sì ń pè é.

Tanko ló tún un ṣe. Ó gé páálí bisikíìtì sí wẹ́wẹ́, ó kọ "Ina kwana" sí ọ̀kan, pé kí Mista Fan fi máa kí àwọn ènìyàn láàárọ̀. Mista Fan wò ó, ó ṣí ẹnu, ohun tó jáde kò jọ ohùn ènìyàn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tanko kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọ̀gá gbé ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé tiwọn ní a-b-d wá fún òun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti ìwé yẹn.

Ohun tó rí níbẹ̀ nìyí, ó sì fi hàn mí pẹ̀lú ìgbéraga. Àwọn ará Ṣáínà náà ń fi lẹ́tà òyìnbó kọ ohùn èdè wọn, ṣùgbọ́n ègé ègé ni wọ́n ń kà á, ègé wọ̀nyẹn sì níye. Bí o bá kọ ègé tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré, wọn á kà á gẹ́rẹ́. Bí o bá kọ èyí tí kò sí nínú ìwé wọn, wọn á kọsẹ̀. Wọn kò ní "kwa", "kua" ni wọ́n ní. I kì í dá dúró, "yi" ni. Wọn kò ní "fe", àfi "fei". R kò sì lè parí ègé, o ní láti fi "er" dípò rẹ̀. Nítorí náà ló fi kọ páálí náà báyìí: "Yi-na kua-na." Ó fa ìlà sórí ibi tí ohùn yóò ti gùn, ó fi ọ̀pá dídábùú sí ibi tí wọ́n á ti mí. Ó ní kí ọ̀gá kà á nígbà mẹ́ta pẹ̀lú páálí lójú, nígbà mẹ́ta pẹ̀lú páálí lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ ọ bó ṣe máa lo ara. Kí o lóṣòó tí ẹni tí ò ń kí bá jókòó. Kí o fi ọwọ́ ọ̀tún sáyà. Má na ọwọ́ sí obìnrin. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn, má ṣe gbìyànjú láti gbọ́ ọ, torí bí o bá kí wọn dáadáa, wọ́n á bi ọ́ ní ti ilé, ti àárẹ̀, ti ooru àti ti iṣẹ́. Ṣáà máa sọ pé "ma-da-la", ìyẹn ni pé ó dára, kí o rẹ́rìn-ín, kí o máa lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mista Fan sọ̀ lójú ọ̀nà níwájú àwọn àgbààgbà tó ń mu tíì, ó lóṣòó, ó ní "Yi-na kua-na." Ẹ̀rín pa àwọn bàbá náà débi pé fìlà ọ̀kan já sínú tíì. "Bàtúrè, òyìnbó yìí, ti di ọmọ Gidan Marke!" ni wọ́n ń wí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnu-ọ̀nà tí wọn kò ṣí fún wa. Nígbà tí a ń wá ibi tí a ti máa wa ilẹ̀ pupa tí a fi ń kún ojú ọ̀nà, Mista Fan lóṣòó níwájú baálẹ̀, ó ní "Ran-ka ya da-dei," kí ẹ̀mí yín ó gùn, baálẹ̀ sì fi gbogbo pápá ìlà-oòrùn abúlé lé wa lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí i: ìkíni orí páálí ló fún wa ní ihò yẹn.

A wa ilẹ̀ náà títí ó fi jìn ju ènìyàn méjì tó gun èjìká ara wọn. Àdéhùn ni pé a ó bò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, a kò bò ó. Ó kún, omi náà pọ́n, ó dúró jẹ́ẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹjọ, Habu, ọmọ ará abúlé kan tó ń jẹ́ Lawwali, lé ewúrẹ́ gba ẹ̀bá ibẹ̀. Ewúrẹ́ dé ilé, Habu kò dé. Ọmọ ọdún méje ni.

Habu ni àkọ́bí Lawwali àti Balaraba ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ilẹ̀ Hausa kò ní mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyá kì í dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ níta. Kì í ṣìkẹ́ rẹ̀ lójú ènìyàn, bó bá sì kú, kì í sunkún rẹ̀ lójú ènìyàn. Ìtìjú ni. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọmọ náà wọlé, Balaraba yí ojú sí ògiri. Àwọn obìnrin yìn ín pé ó ní àmúmọ́ra, àní pé ó mọ ìtìjú bí ọmọ ilé rere. Èmi tí wọ́n bí ní ibi tí ìyá ti ń fi ara gbolẹ̀ tí ọmọ bá kú, mi ò lè bá wọn yìn ín.

Lawwali sọ fún baálẹ̀ pé lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹta, òun ń lọ sílé-ẹjọ́ ní ìlú. Kì í ṣe owó ló ń wá. Ó ní kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n bo ihò náà, kí iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi bò ó. Ó ní ọmọ mẹ́ta ló kù sí òun lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn ni wọ́n sì ń gbà lọ sílé kéú. Baálẹ̀ ní òun náà yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mista Fan, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Òun náà bímọ. Ó pe Tanko, ó ní òun fẹ́ lọ kí bàbá ọmọ náà, kó kọ ìkíni ọ̀fọ̀ sórí páálí, kó jẹ́ kúkúrú, kó jẹ́ èyí tó ti inú wá.

Inú sítọ́ọ̀ ni Tanko ti kọ ọ́, torí pé fáànù tèmi ń ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń ṣe é. Ìlà kìíní nìyí: "A-la ya ji-kan-sa." Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ń sọ níbi ọ̀fọ̀. Ó sì bọ́ sínú ègé àwọn ará Ṣáínà bíi pé wọ́n dìídì gé e fún wọn. Mo rò pé ó ti parí. Àfi bó ṣe tún ki bíírò bọlẹ̀, tó kọ ìlà kejì: "Dong A-la, ku ya-fei ma-na."

Nítorí Ọlọ́run, ẹ dárí jì wá.

"Tanko," ni mo wí, "ìkíni ni ọ̀gá ní kó o kọ. Kí ni èyí ń wá níbẹ̀?"

"Bayarabe, ata ni kó o máa kà ní sítọ́ọ̀. Fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

"Ọ̀gá mọ̀?"

"Ọ̀gá mọ̀ pé ìkíni ni. Ìkíni náà ni. Àforíjì pa ènìyàn rí ni?" Ó fẹ́ atẹ́gùn sí páálí náà kí yíǹkì ó gbẹ. "Tàbí o fẹ́ kí adájọ́ ti àgọ́ yìí pa? Ọkùnrin méjìlélọ́gọ́ta ló ń jẹun níbí. Ìwọ ni ikùn rẹ tóbi jù láàárín wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo sì mọ̀ dájú ohun tó ń ṣe. Bí ènìyàn bá fi orúkọ Ọlọ́run bẹ ọ́ lórí ẹní ọ̀fọ̀, lójú limáámù àti gbogbo ará àdúgbò, ẹnu rẹ kò lè sọ pé rárá. Wàá dáhùn pé "Mun yafe", a ti dárí jì yín. Bí o bá sì ti sọ ọ́, ó parí. Bí o bá gbé e délé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, adájọ́ fúnra rẹ̀ yóò bi ọ́ bóyá Ọlọ́run ni o fẹ́ rẹ́ jẹ.

Ó kọ́ ọ̀gá ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ní kó há k inú "kan" mọ́ ọ̀nà ọ̀fun díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Ó ní kó má kánjú lórí "Dong A-la", kó dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó wo bàbá ọmọ náà lójú. Mista Fan béèrè ohun tí ìlà kejì ń sọ. Tanko ní, "Ó ń sọ pé ìbànújẹ́ yín, ìbànújẹ́ wa ni."

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọkùnrin jókòó lórí ẹní níta ilé Lawwali, limáámù láàárín, ògiri ilé obìnrin lẹ́yìn wọn. Mista Fan bọ́ bàtà. Ó lóṣòó. Kò mú páálí lọ́wọ́, torí ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó fi ọwọ́ sáyà, ó sì sọ ọ́, ègé kọ̀ọ̀kan mọ́, ó dúró níbi tí Tanko ní kó dúró, omi sì lé róró lójú rẹ̀ nígbà tó dé "ma-na". Omi ojú yẹn, kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Bàbá àgbàlagbà kan fi etí agbádá nu ojú, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ ẹlòmíràn fi èdè wa bẹ̀ wá."

Gbogbo ojú yí sí Lawwali. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀. Limáámù ń dúró dè é. Ó ní, "Mun yafe. Kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Limáámù gbé ọwọ́ sókè kíákíá, gbogbo wọn ṣe Fátíhà, ó tán.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Mista Fan béèrè ohun tí bàbá ọmọ sọ. Tanko ní, "Ó dúpẹ́ pé ẹ wá."

Iṣẹ́ tí a dá dúró nítorí ọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Lawwali lọ bá baálẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ sílẹ̀, òun kò lè jẹ èébì ara òun. Baálẹ̀ ní lẹ́tà ti òun ṣì wà nílẹ̀ ní tirẹ̀, òun yóò fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá yí po. Ìyẹn nìkan ló kù.

Ọjọ́ kẹjọ ni Balaraba wá sí àgọ́. Ó fi aṣọ bo orí dé àyà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ mi, ó ní kí n bá òun pe Málàm Tanko. Nígbà tí Tanko dé, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Málàm, ọkọ mi ní òun ti dárí jì wọ́n. Kò burú. Àmọ́ ihò ò gbọ́ ìdáríjì."

"Ọlọ́run yóò dáàbò bo ilé yín, Balaraba."

"Àmín. Ẹni tó lọ ti lọ, mi ò wá nítorí tirẹ̀." Kò dárúkọ rẹ̀. "Nítorí àwọn mẹ́ta tó kù ni. Mo gbọ́ pé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún òyìnbó, ní lẹ́tà tirẹ̀, tó fi lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kọ tèmi náà fún mi ní lẹ́tà Kùránì tí mo mọ̀. Kí n sọ fún un lédè tirẹ̀ pé kó bo ihò náà kí òjò tó tún dé."

"Ṣé ó tó ìyẹn ni? Èmi á bá ọ sọ ọ́ fún un."

"Rárá o. O ti bá wa sọ̀rọ̀ tó."

Balaraba ń fi ìka fa ilẹ̀.

"Èmi ò lè sọ ọ́ ní Hausa," ló wí. "Bí mo bá ya ẹnu pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ẹ wo ìyá tó ń ké nítorí àkọ́bí. Àmọ́ èdè tiwọn yẹn, ta ló gbọ́ ọ tí yóò fi bú mi?"

Mo rò pé Tanko yóò kọ̀. Kò kọ̀. Ó fa páálí yọ, ó sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó lẹ́wà kọ ọ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó fi àmì fáwẹ̀lì sí gbogbo rẹ̀, ó lo lẹ́tà tó ní àmì tóótó mẹ́ta lórí, èyí tí àwọn Hausa fi ń kọ c. Ó kà á fún un lábẹ́ igi dóńgóyárò: "Fei-chang gan-xie ni-men."

Balaraba mú un láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó dára lẹ́nu rẹ̀ ju bí Hausa ṣe dára lẹ́nu ọ̀gá lọ. Ó béèrè pé, "Èwo nínú rẹ̀ ni ihò?"

Tanko kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Gan-xie. Gan-xie ni ihò."

"Gan-xie," ni Balaraba wí. "Gan-xie. Ibẹ̀ ni n óò tẹ ohùn mọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀, ó dúró de Mista Fan lẹ́nu géètì. Bí ọ̀gá ṣe sọ̀ báyìí, ó lóṣòó, ó sì sọ ọ́. Mista Fan dúró bí òpó. Obìnrin náà tún un sọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi "gan-xie", ó na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi èdè wọn fèsì, ó ń mi orí bí ẹni pé òun kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀ fún.

"Kí ló sọ?" ni Balaraba bi Tanko.

"Ó ní òun gbọ́."

Obìnrin náà fi aṣọ bo ojú, ó ń lọ sílé. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ìgbà tí Mista Fan wá mú ìrẹsì lọ́dọ̀ mi ní àṣálẹ́ ni mo tó mọ̀. Ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Ìyá ọmọ yẹn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní èdè mi. Ó ní òun dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ wa. Ìyá tèmi kò lè ṣe é." Ó ní kí n kó àpò ìrẹsì kan lọ sílé wọn. Mo fi sítọ́ọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo lọ bá Tanko ní yàrá rẹ̀.

"O fi ìdúpẹ́ sí i lẹ́nu? Ìwọ ẹranko yìí, o fi ìdúpẹ́ sí obìnrin yẹn lẹ́nu?"

"Rọra pariwo."

"Ọjọ́ méjì péré ni katakátá fi máa bo ihò yẹn! Epo wà, èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n. Bí o bá sọ fún ọ̀gá, lọ́la ni yóò bò ó."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Tí mo bá sọ fún un pé ìyá ń bẹ̀bẹ̀, á ní ṣebí bàbá dúpẹ́? Kí ni bàbá tiẹ̀ sọ gan-an? Kí ni èmi gan-an sọ fún bàbá? Bayarabe, bí ènìyàn bá ti fa okùn kan, gbogbo rẹ̀ ló máa tú. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò lé mi. Wọ́n sì ti ṣèlérí iṣẹ́ ọ̀nà Zamfara fún mi."

"Èmi á sọ fún un."

"Sọ fún un. Sọ fún un pẹ̀lú pé o rí páálí àkọ́kọ́, o sì rẹ́rìn-ín."

Mi ò sọ ọ́. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, mo sì ti ń jẹ dòdò àgọ́ yẹn fún ọdún mẹ́rin. Mo gbé àpò ìrẹsì náà lé orí, mo gbé e lọ sílé Lawwali, Balaraba sì rò pé ìlérí ni ọ̀gá fi ìrẹsì náà ṣe.

Mista Fan mú èmi àti Tanko lọ kí baálẹ̀. Ó ròyìn bí ìyá ọmọ ṣe wá dúpẹ́, Tanko sì túmọ̀ èyí láì fi ohunkóhun pa mọ́, ìgbà kan ṣoṣo tó túmọ̀ òótọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Baálẹ̀ ní bí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ bá ti dúpẹ́, kí ni òun ń kọ lẹ́tà sí ìjọba fún? Ó fà á ya lójú wa.

Òjò dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Omi inú ihò fà, ó ku ẹrẹ̀ pupa. Ní gbogbo àkókò yìí, Balaraba ń sọ fún àwọn obìnrin abúlé pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé òun ti bá òyìnbó sọ ọ́ ní èdè ara rẹ̀, ó sì tẹrí ba fún òun nígbà mẹ́ta. Ó ní ó dà bíi pé wọ́n ń dúró kí ilẹ̀ ó gbẹ tán. Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ Mista Fan bá kọjá, ó ń jáde sí ẹnu ọ̀nà láti rán an létí. "Fei-chang gan-xie ni-men!" Mista Fan á sì sọ gíláàsì kalẹ̀, á fi ọwọ́ sáyà. Kò sí abúlé tó fẹ́ràn tó Gidan Marke. Ó máa ń sọ fún àwọn ará Ṣáínà tó bá wá bẹ̀ wá wò pé ibí yìí ni wọ́n ti mọ oore.

Nínú oṣù Kẹta, ọ̀nà wa parí dé ìkóríta, a palẹ̀ àgọ́ mọ́. Wọ́n fi mí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n máa ṣọ́ irin tó kù. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, katakátá méjèèjì gun orí ọkọ̀ agbérù, wọ́n fi ṣéènì dè wọ́n. Balaraba rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ó sáré wọlé, ó kó àwọn ọmọ mẹ́ta jáde. Ó ti kọ́ wọn. Ó tò wọ́n sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹní ń kí ọba, èyí tó kéré jù kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ, imú rẹ̀ ń ṣàn.

"Fei-chang gan-xie ni-men!" ni wọ́n ń ké. "Fei-chang gan-xie ni-men!" Ohùn àwọn ọmọdé náà mọ́ kedere, gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ "gan-xie" bí ìyá wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe, wọ́n ń na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn.

Mista Fan sọ gíláàsì kalẹ̀. Ó yọ orí, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ń sunkún láìtijú. Tanko jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó ń wo ọ̀nà. Ọkọ̀ ọ̀gá kọjá, ọkọ̀ agbérù tẹ̀ lé e pẹ̀lú katakátá lẹ́yìn, eruku sì bo gbogbo wa.

Balaraba dúró títí eruku fi rọ̀. Ó ń mí gúlegúle. Ó yíjú sí mi, ó fi aṣọ nu ẹnu.

"Bayarabe, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n gbọ́ wa?"

Mo wo àwọn ọmọ náà, mo sì wo ilẹ̀.

"Wọ́n gbọ́," ni mo wí.

"Wọ́n á padà wá bò ó kí òjò tó dé?"

"Wọ́n gbọ́, Balaraba."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó di èyí tó kéré jù lọ́wọ́ mú, ó ní kí àwọn méjèèjì yòókù máa sáré lọ sílé kéú kí wọ́n má baà pẹ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà lọ.